Ṣé Slack ni àbí íméèlì? Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ lọ, àti bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lo Slack, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, Slack wà ní ṣíṣí, íméèlì náà wà ní ṣíṣí, ẹ kàn máa lo èyí tó sún mọ́ yín jù. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí wàhálà. Àmọ́ ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ẹ máa rí i pé owó wà nínú ẹ̀, tàbí ẹnì kan tó ní "èmi ò rí i o", tàbí àdéhùn tí kò sẹ́ni tó lè rí ibi tí wọ́n ti ṣe é mọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kíákíá, Slack, ọ̀rọ̀ pàtàkì, íméèlì. Mi ò fara mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló jẹ́ kíákíá tó tún jẹ́ pàtàkì, kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ìbéèrè tí mo gbà pé ó dáa jù ni èyí: ta ló máa padà wá ọ̀rọ̀ yìí kiri, ìgbà wo ló sì máa wá a? Tẹ́ ẹ bá ti lè dáhùn ìyẹn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tó ń lọ, ẹ sì ti mọ bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ pẹ̀lú.

Mo máa lo àpẹẹrẹ kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè yé wa. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wà ní ilé iṣẹ́ kékeré kan l'Ékòó tó ń ta oúnjẹ gbígbẹ lórí ọnláìnì, ẹ̀yin lẹ ń bá wọn ra nǹkan, ẹ sì ń ra páálí 3,000 lóṣù lọ́wọ́ ẹnì kan n'Íbàdàn. Ní ọjọ́ 20 Sẹ́tẹ́ńbà, oníbàárà yín Ìbàdàn yìí, ìyẹn ẹni tó ń ta páálí fún yín, kọ̀wé pé páálí tó jẹ́ ₦420 máa di ₦510 láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sanwó kó tó di ọjọ́ 25 Sẹ́tẹ́ńbà, ẹ lè ra tó 6,000 ní iye àtijọ́, á sì gbé e dé ní ọjọ́ 27. Kí lẹ máa ṣe, ibo lẹ sì máa kọ ọ́ sí?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹni náà ṣe

Kẹ́ ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ kọ gbólóhùn kan sórí bébà tàbí sínú fóònù, gbólóhùn tó dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe nǹkan àti nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ páálí wa yìí, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa rí i pé kì í ṣe gbólóhùn kan: ẹ fẹ́ kí màmá tó ń mójú tó sítọ̀ọ̀ sọ bóyá àyè wà fún páálí 6,000, ẹ fẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ sí owó, ẹ fẹ́ kí oníbàárà Ìbàdàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ní yẹ àdéhùn, ẹ sì fẹ́ kí àwọn tó ń di ẹrù mọ̀ pé páálí púpọ̀ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin nìyẹn.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ gan-an nìyí. Èèyàn á kó gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì gígùn kan, á jù ú sínú ṣánẹ́ẹ̀lì tí èèyàn ogún wà, gbogbo wọn á kà á, àwọn kan á fi àtàǹpàkò sí i, kò sì sẹ́nì kankan tó máa dáhùn ìbéèrè àyè sítọ̀ọ̀, torí ìbéèrè ọ̀hún wà ní ìlà keje, màmá sítọ̀ọ̀ sì rò pé ọ̀gá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ímójì mẹ́wàá lábẹ́ ìbéèrè tí kò sí ìdáhùn kankan níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìbéèrè mẹ́ta, ẹ bi í lọ́kọ̀ọ̀kan

Àkọ́kọ́, ṣé ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Slack yín? Tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, íméèlì ni. Oníbàárà Ìbàdàn ò sí nínú Slack wa. Lóòótọ́, Slack ní ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ méjì fi lè pín ṣánẹ́ẹ̀lì kan, Slack Connect ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ń sanwó, kò sì bá ẹni tẹ́ ẹ ń rà páálí lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mu.

Ìkejì, ṣé ìdáhùn kan ló máa yanjú ẹ̀, àbí ẹ máa bi í, á bi yín padà, ẹ tún máa bi í? Ọ̀rọ̀ tó ní lọ-ká-bọ̀ nínú, Slack ló bá mu. Àyè sítọ̀ọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀: màmá máa béèrè pé ṣé páálí títẹ́ ni àbí èyí tí wọ́n ti dì, ẹ máa dáhùn, á ní kẹ́ ẹ dúró kóun lọ wò ó, á padà wá. Tẹ́ ẹ bá fi íméèlì ṣe ìyẹn, íméèlì mẹ́fà ni, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó parí.

Ìkẹta ló gba àlàyé jù: ta ló máa wá ọ̀rọ̀ yìí tó bá di oṣù mẹ́rin sí i? Ẹ wo bó ṣe rí. Lórí Slack ọ̀fẹ́, ọjọ́ 90 péré sẹ́yìn lẹ lè rí, ohun tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ á pamọ́ fún yín, láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó ti lé lọ́dún kan rẹ́ pátápátá. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí ₦2,520,000 lórí Slack ọ̀fẹ́ ní Sẹ́tẹ́ńbà, tí ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò wá dé ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ tó ní "ta ló ní kẹ́ ẹ ra páálí ìlọ́po méjì?", kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn án. Ẹ lọ bi ẹni tó ń bójú tó Slack níbi iṣẹ́ yín bóyá ọ̀fẹ́ lẹ wà tàbí ẹ ń sanwó, ìṣẹ́jú kan ni, ó sì yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà nínú ohun tí mò ń sọ yìí.

Kódà tẹ́ ẹ bá ń sanwó, nǹkan méjì wà nínú Slack tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tó kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì lè padà wá tún un kọ, ó sì lè pa á rẹ́, àfi tí àwọn tó ń darí ẹ̀ bá ti dí ọ̀nà yẹn. Tó bá tún un kọ, ẹ máa rí `(edited)` lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Íméèlì tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, tiyín ni, ẹni tó fi ránṣẹ́ ò lè wá yí i padà. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé owó, àdéhùn, ìyípadà owó oṣù, ìsinmi tí wọ́n fún yín, gbogbo ohun tí ẹnì kan lè padà wá jiyàn lé lórí, ẹ jẹ́ kó wà nínú íméèlì, ì báà jẹ́ pé Slack lẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó máa pẹ́ ló yẹ kó lọ sí íméèlì o. Ẹ ronú nípa ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Tó bá wọ ṣánẹ́ẹ̀lì `#sitoo`, ó lè ka gbogbo ohun tó ti kọjá níbẹ̀, kò sì lè rí íméèlì tẹ́ ẹ ti kọ síra yín kó tó dé. Nítorí náà bá a ṣe ń to páálí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kí ẹrù wọlé, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáa nínú ṣánẹ́ẹ̀lì, tí Slack yín bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Ẹ sì kíyè sí i pé ohun tẹ́ ẹ bá sọ ní kọ̀rọ̀, láàárín ẹ̀yin méjì nìkan, ẹni tuntun yẹn ò lè rí i láéláé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tó bá jẹ́ Slack, ibo nínú Slack?

Tí ìdáhùn bá máa wúlò fún ẹlòmíì, ẹ bi í nínú ṣánẹ́ẹ̀lì, ẹ má bi í ní kọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tì wá láti béèrè nǹkan níwájú gbogbo èèyàn, pàápàá tí àgbà bá wà níbẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi màmá sítọ̀ọ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ń mójú tó dìlífárì náà máa lọ bi í ní ìbéèrè kan náà lọ́sàn-án. Ohun tó yẹ ní kọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo: àìsàn, àṣìṣe tó ṣe tẹ́ ẹ fẹ́ pè é sí, owó tó yá. Ẹ má pe àṣìṣe ẹnikẹ́ni níwájú ogún èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, kí gbogbo ìdáhùn wà lábẹ́ ẹ̀, nínú tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé ọwọ́ sórí mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà, ẹ tẹ `Reply in thread`. Tí ìdáhùn tó parí ọ̀rọ̀ bá wà nísàlẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì rí i, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ `Also send to` sí, ẹ máàkì í fún ìdáhùn yẹn nìkan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ariwo. `@channel` máa dún lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ṣánẹ́ẹ̀lì, yálà ó wà lórí Slack lásìkò yẹn tàbí kò sí. `@here` máa dún lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ ẹnì kan lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ pẹ̀lú `@`, ó tán. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti lo `@channel` fún ọ̀rọ̀ tí kò kan gbogbo èèyàn lónìí, torí ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá lò ó fún ohun tí kò kàn wọ́n, wọ́n á pa alẹ́ẹ̀tì ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn, lọ́jọ́ tí iná bá ń jó ní sítọ̀ọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìkíni àti ọ̀rọ̀, inú àpótí kan náà

Ibí yìí ló kàn wá jù, àwa ọmọ Yorùbá. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbà, ẹ kọ́kọ́ kí i, ẹ dúró kó dáhùn, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá. Ó dáa, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Slack:

> Ẹ káàárọ̀ mà.

> Ẹ kú iṣẹ́ mà.

> Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan ni.

Fóònù màmá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi ohun tó ń kà lórí ẹrù sílẹ̀, ó ṣí i, kò rí ìbéèrè kankan. Ó dáhùn pé "káàárọ̀ o, kí ló dé?" ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti lọ sí mítíǹgì. Nígbà tẹ́ ẹ máa padà dé tẹ́ ẹ máa béèrè, òun náà ti bọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé. Báyìí ni ìbéèrè ìṣẹ́jú méjì ṣe máa ń di ti ọjọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣe ohun tó burú.

Ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Lórí kọ̀ǹpútà, `Enter` ló ń fi ránṣẹ́, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ sí ìlà tuntun, ẹ di `Shift` mú kẹ́ ẹ tó tẹ `Enter`:

> Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé àyè máa wà ní sítọ̀ọ̀ fún páálí 6,000 ní ọjọ́ 27 oṣù yìí? Títẹ́ ni wọ́n, wọ́n ò tíì dì í.
> Mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá lórí ẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán òní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kó tó dìgbà yẹn. Tí kò bá sí àyè, ẹ sọ iye tó lè wọlé.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ìkíni wà, "mà" wà, "ẹ" wà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ rí òun fín. Ìbéèrè wà ní ìlà àkọ́kọ́, torí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń hàn nínú alẹ́ẹ̀tì. Aago tẹ́ ẹ fẹ́ ìdáhùn wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ náà wà níbẹ̀, "kíákíá" tẹ́ ẹ kàn jù sílẹ̀ ò sọ aago kankan. Ẹ sì ti dáhùn ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi yín, ìyẹn títẹ́ àbí dídì, kó tó béèrè. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn náà wúlò gan-an, torí ó jẹ́ kó lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìdáhùn bá tiẹ̀ jẹ́ rárá.

Tó bá jẹ́ àwọn òyìnbó lẹ ń bá ṣiṣẹ́, ní London tàbí ní New York, ìkíni kúkúrú kan ti tó, "sà" ò pọn dandan, àmọ́ ètò ẹ̀ ò yí padà. Ohun tó yí padà ni aago. Nàìjíríà kì í yí aago, àwọn ń yí i, nítorí náà aago London àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó bá di ìgbà òtútù wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, New York ní tiẹ̀ á wà lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì ní aago mẹ́jọ àárọ̀ l'Ékòó, ààjìn òru ni ní New York. Ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, ẹ yan aago tí wọ́n ti jí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá jẹ́ íméèlì, ẹ kọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀

Màmá ti dáhùn, ó ní àyè wà fún 6,000 tí wọ́n bá ti kó ike àtijọ́ kúrò. Ó kan ọ̀gá báyìí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bẹ́ ẹ ṣe máa kọ Slack àti bẹ́ ẹ ṣe máa kọ íméèlì ni pé ẹni tó ń ka Slack ti mọ ohun tó ń lọ, torí òun náà wà níbẹ̀. Ẹni tó máa ka íméèlì yìí lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa páálí rí, ó sì lè jẹ́ ọ̀gá fúnra ẹ̀ lóṣù mẹ́rin sí i tí gbogbo ẹ̀ ti kúrò lórí ẹ̀. Nítorí náà "ìyẹn tá a sọ lánàá" ò lè wọ inú ẹ̀. Ẹ dárúkọ nǹkan, ẹ kọ iye, ẹ kọ ọjọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí `Subject`. "Páálí" nìkan ò tó, "Ọ̀rọ̀ pàtàkì" ò sọ nǹkan kan rárá. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ:

> Subject: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọwọ́ sí i kó tó di òpin iṣẹ́ ọjọ́ 24 Sẹ́tẹ́ńbà: páálí 6,000 ní ₦420
>
> Ẹ káàsán sà,
>
> Mo ń béèrè ìfọwọ́sí yín láti san ₦2,520,000 fún páálí 6,000, kó tó di òpin iṣẹ́ ọjọ́ 24 Sẹ́tẹ́ńbà.
>
> Ẹni tó ń ta páálí fún wa n'Íbàdàn kọ̀wé lónìí pé iye páálí kan máa kúrò ní ₦420 di ₦510 láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá. Tá a bá sanwó kó tó di ọjọ́ 25, ó máa tà tó 6,000 fún wa ní iye àtijọ́. Páálí 3,000 là ń lò lóṣù, torí náà oṣù méjì nìyẹn máa gbé wa dé, a ò sì ní san ₦540,000 tó yẹ kó lé e.
>
> Mo ti bi àwọn sítọ̀ọ̀, àyè wà. Ohun tó lè dà á rú ni pé owó oṣù méjì máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà, akáǹtáǹtì tó wà nínú Cc lè sọ bóyá ó máa ni wá lára.
>
> Tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ sí i, a máa ra 3,000 ní ₦510 ní Oṣù Kẹwàá bí a ṣe ń ṣe, á sì lé ní ₦270,000 lóṣù.
>
> Ìwé iye owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ wà nínú íméèlì yìí. Ẹ ṣeun sà.

Ìbéèrè wà ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ìtàn tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń to ìtàn kalẹ̀ látòkè kí ìbéèrè tó jáde nísàlẹ̀, ọ̀gá tó bá sì ń kà á lórí fóònù nínú go-slow lórí Third Mainland ò ní dé ìsàlẹ̀ yẹn. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá fọwọ́ sí i náà wà níbẹ̀, torí ìyẹn ló máa ń jẹ́ kó lè pinnu láì pè yín. Ẹ sì tún rí i pé mo dárúkọ ohun tí ẹni tó wà nínú `Cc` máa ṣe. Ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, ẹ fi í sí `To`, ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ fi í sí `Cc`, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí ẹni inú `Cc` sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní sọ nǹkan kan, ó sì tọ̀nà.

Ẹ tún ka íméèlì lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá iye owó. Gmail máa ń fún yín láyè láti fà á padà, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 ló pọ̀ jù, ẹ̀yin sì lẹ máa lọ yí i sí 30 nínú sẹ́tíńgì, lẹ́yìn ìyẹn ó ti lọ nìyẹn.

Tí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ níbì kan tó wá yẹ kó wà níbòmíì

Èyí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀gá lè rí yín lórí Slack kó ní "mo rí íméèlì yín, ẹ máa bá a lọ." Ìfọwọ́sí nìyẹn, àmọ́ ibi tó wà ò dáa. Ẹ má sọ fún un pé kó lọ tún un kọ, ẹ̀yin fúnra yín ẹ padà sórí íméèlì yẹn, ẹ tẹ `Reply all`, ẹ kọ pé: "Ẹ ṣeun sà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lórí Slack lónìí, ọjọ́ 22 Sẹ́tẹ́ńbà, ẹ ti fọwọ́ sí páálí 6,000 ní ₦2,520,000. Tí mo bá ṣì í gbọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la, kí akáǹtáǹtì tó sanwó." Ó ti wọ ìwé, akáǹtáǹtì rí i, ẹ ò sì ti ọ̀gá.

Tó bá jẹ́ tẹ́rẹ́ẹ̀dì gígùn ló wà lórí Slack, àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé ó ti tó kí ẹ gbé e kúrò ni pé ẹnì kan wọlé tó ní "ẹ jọ̀ọ́ kí lẹ wá fẹnu kò sí?", tàbí pé èèyàn méjì ti dáhùn ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ lábẹ́ ara wọn. Ẹ má da gbogbo tẹ́rẹ́ẹ̀dì náà kọ sínú íméèlì. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò sí, ohun tó ṣẹ́ kù, àti ẹni tó máa ṣe é, kẹ́ ẹ wá tẹ `Copy link` lórí mẹ́sẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ fi líǹkì ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ka gbogbo ẹ̀.

Íméèlì náà lè yẹ kó padà sí Slack. Tẹ́ ẹ bá rí íméèlì tó ti lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí kókó kékeré kan, "ṣé òwúrọ̀ ni àbí ọ̀sán," ẹ parí kókó yẹn lórí Slack, kẹ́ ẹ wá fi ìlà kan kọ ìdáhùn sínú íméèlì. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá sì ti parí, ẹ kọ èyí tó kan àwọn tó ń di ẹrù sínú `#sitoo`, wọn ò nílò ìtàn owó:

> Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Páálí 6,000 ń bọ̀ ní ọjọ́ 27, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó àwọn ike àtijọ́ kúrò ní apá òsì kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26. Tí ìṣòro bá wà, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí.

Ohun tí kò yẹ kó wọ méjèèjì

Páswọ́ọ̀dù, ẹ má kọ ọ́ sínú Slack, ẹ má kọ ọ́ sínú íméèlì. Ọ̀rọ̀ tó máa dun ẹnì kan, irú bíi pé wọ́n fẹ́ dín iṣẹ́ ẹ̀ kù, ẹ pè é tàbí kẹ́ ẹ rí i lójú kọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó wá kọ íméèlì tó máa wà nínú fáìlì.

Èyí tó kù, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan owó mọ̀ dáadáa, ni àkáǹtì tó yí padà. Ẹ ti ṣètò tán láti sanwó fún oníbàárà Ìbàdàn, íméèlì kan wá dé ní ọjọ́ 23 pé "a ti yí báńkì, ẹ san án sínú àkáǹtì tuntun yìí." Ó lè jẹ́ òun lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti wọ inú íméèlì ẹ̀, tó ti ka gbogbo àdéhùn yín, tó mọ iye àti ọjọ́. Ẹ má dáhùn íméèlì yẹn láti béèrè bóyá òótọ́ ni, torí olè ọ̀hún ló máa dáhùn. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú íméèlì yẹn náà. Ẹ lọ wá nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ń pè láti oṣù tó kọjá, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ka nọ́ńbà àkáǹtì náà fún yín lẹ́nu ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sínú íméèlì sí akáǹtáǹtì pé ẹ pè é, ọjọ́ wo àti aago mélòó. Títí dìgbà yẹn, kí owó má jáde.